Èrè Ìwé Dáwódù

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìdáríjì ni mo fẹ́ sọ. Mi ò tíì dárí ji ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mi ò sì rí ohun tí mo ń kánjú fún. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Òun ni àkọ́bí ìyálé, dáwódù ilé. Èmi ni àkọ́bí ìyàwó kẹta, ìyá mi ò sì bí ọkùnrin. Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé ní Ìbàdàn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí láì jẹ́ pé mo là á yé e.

Ilé bàbá wa wà ní Bẹ́yẹrúnkà, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ lójú títì. Àwọn ayálégbé máa ń san owó ọdún méjì pọ̀. Bí owó náà bá ti wọlé, ìdí igi la fi ń pín in, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́, nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta lowó ń pín sí, ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà àti ìyá tó bí ọmọ méjì, bákan náà ni wọ́n ń gbà á. Ìdí kìíní ń kùn sí èyí lọ́dọọdún nítorí àwọn ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bàbá wa àgbà, àbúrò bàbá mi tó kù láyé, kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tí ìdí kan bá gbà, ìdí tó kù gbọ́dọ̀ gbà á. Bàbá yìí lè sùn nínú ìpàdé, kó máa han-an-run, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí igi, á lajú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, èmi ni mò ń kọ ìwé owó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn lọ́pọ̀ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àdó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga lórí ìṣirò owó, ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn akáǹtáǹtì àgbà, èyí tí ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́, mi ò tíì ṣe é. Mo fẹ́ ṣe é. Mo sì fẹ́ mọ̀ kí n tó ṣe é bóyá yóò mú owó wá lóòótọ́, nítorí mo ti rí àwọn tó ń kówèé jọ bí ẹni ń kó abọ́ tánganran sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọn ò fi jẹun rí.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó ti yege lọ́dún méjì ṣáájú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó oṣù òun kò yí padà. Mo ní báwo? Ó ní ọ̀gá òun ti ní akáǹtáǹtì àgbà kan, kò sì nílò èkejì, ibi tí òun wà náà ni òun wà. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ìwé kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ipò tó nílò ìwé náà ló ń sanwó. Ẹni tó bá gbàwé láì mọ ipò tí yóò fi wọ̀, ó ra kọ́kọ́rọ́, kò ní ilẹ̀kùn. Mo tún wá lọ bi àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ti yege tí wọ́n sì ti pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ni ẹni tó kéré jù nínú wọn ń gbà. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ àti àwọn ilé iṣẹ́ tí báńkì yá lówó ló ń wá irú wọn, torí wọ́n nílò ẹni tí báńkì àti àwọn tó ń gba owó orí á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Mo jókòó, mo ṣírò. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó àwọn olùkọ́ àti ìwé, gbogbo rẹ̀ yóò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà láàárín ọdún kan àti ààbọ̀. Èyí ni gbogbo èèyàn máa ń kà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ náà ń wáyé, Sátidé ni mo sì máa ń lọ bá àwọn oníṣòwò aṣọ ní Ọjà'ba ka ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́jọ́ kan. Bí mo bá ń lọ kàwé, owó yẹn ti lọ. Mo ro ó pọ̀, ó ju owó ìwé fúnra rẹ̀ lọ! Owó tí n kò ní rí gbà pọ̀ ju owó tí mo fẹ́ san.

Mo wo apá kejì. Bí mo bá bọ́ sí ipò tó ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà, àádọ́ta ló lé lórí tẹ́lẹ̀. Mo yọ owó orí, mo yọ owó ìfẹ̀yìntì, mo yọ owó ọkọ̀ torí ilé iṣẹ́ náà lè jìnnà, ó ku ogójì. Ní ogójì lóṣooṣù, kò ní pé ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tuntun tí gbogbo ohun tí mo ná àti ohun tí mo pàdánù yóò padà wá. Bí mo bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, yóò fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní í tó ọdún méjì. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìyókù ìgbà tí mo bá fi ṣiṣẹ́, èrè ni. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo rẹ́rìn-ín fúnra mi. Ohun tó kù ni owó tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ìyá mi ti ní kí n gba ìpín ìdí wa.

Ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, nínú pálọ̀ bàbá wa. Dáwódù kò tilẹ̀ jẹ́ ká jókòó dáadáa. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, ọmọ àádọ́ta ọdún ni lọ́dún náà. Ó wọ agbádá wá sí ìpàdé tí gbogbo wa wọ aṣọ ilé.

Ó ní, “Ẹbí mi, másítà ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ń bẹ ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ìpín yín sílẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Bí mo bá parí rẹ̀, ipò mi á sún sókè ní káńsù, owó oṣù mi á gbéra. Kó tó pé ọdún mẹ́rin, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba owó rẹ̀ padà, á sì rí èrè lé e lórí. Owó tí a gbìn ni o, kì í ṣe owó tí a jẹ.”

Wọ́n ń mirí. Bàbá wa àgbà ní ohun tó dára ni. Mo dìde. Mo bọ̀wọ̀ fún un o, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ní káńsù yín, ta ni másítà ti sún sókè rí? Mo gbọ́ pé ọdún iṣẹ́, ìdánwò ìgbéga àti àyè tó bá ṣí ni wọ́n ń wò. Ṣé àyè kan wà tó ń dúró dè yín?” Lẹ́yìn náà mo sọ ti èmi. Mo sọ iye tí n óò ná, mo sọ ọjọ́ Sátidé tí n óò pàdánù, mo sọ ibi tí mo ti bèèrè owó oṣù, mo sọ ìgbà tí yóò padà wá.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwọn yòókù, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọmọbìnrin yìí? Ó ń díwọ̀n ìwé bí ẹní ń díwọ̀n ẹ̀wà. Jókòó jàre. Ìwé obìnrin, ilé ọkọ ló ń kó èrè rẹ̀ lọ. Ẹbí yìí ò lè máa da omi sínú agbè tó ti lu.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo pálọ̀ ló rẹ́rìn-ín, títí kan ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé omi wá. Ìyá mi fa ìró mi láti ẹ̀yìn pé kí n jókòó. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó ní òun fi ìpín ìdí òun sílẹ̀ fún dáwódù, Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Ó ń bẹ̀rù, mo mọ̀. Obìnrin tí kò bímọ ọkùnrin nílé ọkọ tó ti kú, ó máa ń ronú pé ojú rere ni òun fi ń gbé yàrá òun. Wọ́n ka Fàtíà sí ìlérí náà. Èmi náà tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì fi pa ojú. Nínú mi, ohun tí mo ń sọ kì í ṣe Àmín. Mo ń sọ pé: mo máa bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn èèyàn yìí náà, o ò sì ní rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo lọ bá ìyá tó ń kó àjọ jọ fún wa ní ilé iṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e fún mi lákọ̀ọ́kọ́ dípò ìkẹyìn. Ó ṣe é fún mi. Mo fi san owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó olùkọ́. Sátidé kò sí mọ́. Àwọn oníṣòwò Ọjà'ba wá ẹlòmíràn, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ mi, pọ̀nmọ́ ló gbapò rẹ̀, lẹ́yìn náà pọ̀nmọ́ náà kúrò.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi kàwé. Ìbínú ni èmi fi kà á. Bí oorun bá fẹ́ gbé mi, mo máa ń rántí bó ṣe kọjú sí àwọn yòókù, eyín tó ta síta, kì í jẹ́ kí ojú mi wúwo mọ́. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ owó orí, ojú rẹ̀ ni mò ń rí. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan nígbà àkọ́kọ́. Mo sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo padà san owó rẹ̀, mo tún un ṣe.

Mo yege. Mo lọ bá ọ̀gá mi níléeṣẹ́ oògùn, mo fi hàn án. Ó kí mi kú oríire, ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún owó oṣù mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò pé oṣù mẹ́ta mo ti wà níléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ tí báńkì yá lówó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lé lọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fún mi, ó ju èyí tí mo ṣírò lọ. Ọjà wọ́n lásìkò náà tó bẹ́ẹ̀ tí owó oṣù ń yọ́ lọ́wọ́ ẹni, bí mi ò bá ti pààrọ̀ iṣẹ́, ebi ì bá ti pa mí láàárín ọdún kan. Síbẹ̀, owó tí mo ná àti owó Sátidé tí mo pàdánù padà wá sí ọwọ́ mi bí mo ṣe rò ó.

Dáwódù náà parí másítà rẹ̀. Ó ya fọ́tò nínú aṣọ dúdú àti fìlà oníkọ́nà mẹ́rin, ó gbé e kọ́ sínú pálọ̀ bàbá wa, sí òkè fọ́tò bàbá wa fúnra rẹ̀. Ó kó ìwé ẹ̀rí náà lọ sí káńsù, wọ́n kí i, wọ́n fi sínú fáìlì rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà. Owó tó ń gbà kò kúrò níbi tó wà, torí kò sí àyè tó ṣí lókè rẹ̀, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà kò sì kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọdún méjì kọjá, owó ṣọ́ọ̀bù wọlé, páànù ilé tó ti jẹrà ló gbé gbogbo rẹ̀ mì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ èrè. Mo dákẹ́, mo ń dúró de ọdún kẹrin.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, ní tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ló ti kọ́ ọ, kò ní ìwé àṣẹ. Òun ló ń gún abẹ́rẹ́, òun ló ń gbẹ̀bí, owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ti ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ọdún kẹrin yẹn gan-an ló wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìjọba. Ọdún mẹ́ta ni. Mo ṣírò tirẹ̀ náà fún un: ohun tí yóò pàdánù kéré torí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ìwé àṣẹ yẹn sì ni ọsibítù ìjọba àti ti aládàáni gidi ń wò kí wọ́n tó gba èèyàn. Níbikíbi tó bá lọ láyé, iṣẹ́ ń dúró dè é. Mi ò tíì rí ìwé tó ní ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀. Èmi á gbé oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀, ìpín ìdí wa á san owó ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un láti san ti ọdún àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

A tún jókòó sínú pálọ̀ náà. Dáwódù tún ká agbádá lé èjìká. Ó ní, “Ẹbí mi, ibi tí a bá ìwé dé kọ́ la fẹ́ dúró sí. Dókítà ni mo fẹ́ gbà báyìí, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ọ̀mọ̀wé. Bí mo bá fẹ̀yìn tì ní káńsù, yunifásítì ni n óò ti máa kọ́ni. Ẹ tún fi ìpín yìí sílẹ̀ fún mi. Kódà, mo ti gba díẹ̀ ṣáájú lọ́wọ́ ayálégbé tó ń ta aago, mo ti fi san owó àkọ́kọ́.”

Ó sọ èyí tó kẹ́yìn yìí kíákíá, bí ẹni ń da ìyàngbò síta. Àbúrò mi wo ilẹ̀. Ìyá mi ti ń gbé ara láti dìde, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ẹ jókòó, Ìyá mi.” Ó wò mí, ó jókòó.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún bàbá wa àgbà. Mi ò kúnlẹ̀ fún dáwódù, fún bàbá wa àgbà nìkan ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Owó tí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá fún Bùrọ̀dá lọ́jọ́sí, ṣé owó òwò ni, àbí ẹ̀bùn?”

Bàbá lajú. Ó ní, “Kí lò ń wí?”

“Bó bá jẹ́ owó òwò ni, ìdí mẹ́ta ló dá a, ìdí mẹ́ta ló ní èrè rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ti pé. Kí Bùrọ̀dá kó ti ìdí kejì àti ti ìdí kẹta sílẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ òmíràn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bùn ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tí ìdí kan bá gbà, ìdí tó kù gbọ́dọ̀ gbà á. Ìdí kìíní ti gba gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Tiwa dà?”

Ọmọ ìdí kejì kan, panẹ́lì bítà tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Bẹẹrẹ, tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ tó ń fi ìṣáná ta eyín, ó sọ ìṣáná náà sílẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ ọ̀rọ̀ o. Ọmọkùnrin mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sólà, mi ò rówó. Tiwa dà?”

Dáwódù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ló rín in. “Ẹ ẹ̀ rí i? Ìwé ọmọ ilé kì í ṣe ọjà. Kì í ṣe ohun tí a ń bá ọmọ ìyá ẹni ṣírò èrè lórí ẹ̀.”

Mo ti ń retí kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, ẹ̀bùn ni. Bàbá, ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.”

Dáwódù rí i pé òun ti rì sí i. Ó fẹ́ pa ohùn dà, ó ní rárá, owó òwò ni, èrè rẹ̀ ń bọ̀. Panẹ́lì bítà ní, “Èló ni káńsù fi kún owó oṣù yín látìgbà tí ẹ ti parí másítà?” Dáwódù ń tún agbádá rẹ̀ ká. Bàbá wa àgbà ní, “Ọmọ yìí bi ọ́ ní ìbéèrè.” Dáwódù gbé ojú wo fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbéga gba sùúrù. Bàbá ní, “Èló?” Ó wá fi ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ pé kò sí.

Ah, ó dùn mọ́ mi! Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi bí omi tútù lẹ́yìn ààwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò gbé omi wá fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa àgbà pa á láṣẹ: ẹ̀bùn ni owó àtijọ́. Ìdí kìíní ò ní gba ohunkóhun lọ́dún yìí, ìdí kejì àti ìkẹta ni yóò pín in. Èyí tí dáwódù sì ti gbà lọ́wọ́ ayálégbé, kó dá a padà kí oṣù tó parí, kó wá a níbi tó bá ti lè rí i. Ìyá mi ń sunkún. Ó ń bẹ̀ mí lábẹ́ ohùn pé kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ dáwódù kí ìpàdé tó tú ká, kí ìjà má baà wọ ilé. Mo ní mi ò ṣe é. Ó tún bẹ̀ mí. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín.” Ìjà wọ ilé lóòótọ́. Ìdí kìíní ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á kọjá lára rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi bí ẹni kọjá lára òkúta. Mo kó o wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Àdó. Àbúrò mi san owó rẹ̀, ó wọlé ẹ̀kọ́. Dáwódù lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káńsù láti fi dá ti ayálégbé padà, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ tí kò gbéra. Ìwé ọ̀mọ̀wé náà kú sí owó àkọ́kọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló wá bá mi. Ọ̀sán Sátidé kan ni, mò ń lọ aṣọ. Ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Kò wọ agbádá. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, ìwọ̀nyẹn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó bèèrè ìyá mi, mo ní ó lọ sí ìpàdé àdúrà asalátù. Ó bèèrè àbúrò mi, mo ní ó ku ọdún kan kó parí. Ó ní, “Alhamdulilahi.” Ó mu omi náà tán.

Ó wá ní, “Àbúrò mi, ìwọ lo mọ ìṣirò nǹkan báyìí. Wọ́n ní àwọn ìwé àṣẹ kan wà, ti àbójútó iṣẹ́, ti àbójútó òṣìṣẹ́. Èwo nínú wọn ni mo lè gbà báyìí tí yóò mú owó wọlé?”

Mo pa áyọ́ọ̀nù. Mo mú bírò, mo jókòó sí iwájú rẹ̀. Mo lè sọ ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n mi ò kánjú. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀. Ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo bi í ní ọdún tó kù fún un ní káńsù. Ó ní mẹ́rin. Mo bi í bóyá káńsù ń fi owó kún owó oṣù ẹni tó bá gba ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyẹn. Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀. Mo bi í bí ilé iṣẹ́ aládàáni kan bá wà tó ti sọ fún un pé òun á gbà á bó bá fẹ̀yìn tì. Ó mi orí pé kò sí. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó máa gbà yín tó ọdún kan,” mo ní, “ó kéré tán. Ẹ ó san owó rẹ̀ látinú owó oṣù tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń bù jẹ. Á wá ku ọdún mẹ́ta, kò sì sí ohun tí yóò lé lórí owó yín nínú ọdún mẹ́ta náà. Ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó ń dúró dè yín. Odo ni, Bùrọ̀dá. Kò sí ìwé kankan láyé tó lè mú èrè wá fún yín mọ́. Agbè ti lu.”

Ó wò mí. Mo wò ó. Ó rántí, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Ó ní, “Ìgbà wo ló ti yé ọ báyìí?”

Mo ní, “Ẹni àádọ́ta ọdún ni yín lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn. Mo bi yín níwájú gbogbo ẹbí. Ọdún mẹ́wàá ló wà níwájú yín. Ẹ lè fi gba ìwé tó nílẹ̀kùn.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú bí ẹni ń ṣe àlùwàlá. Ó dìde, ó ṣe fìlà rẹ̀ dáadáa. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi, dáwódù ilé wa, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun wá bi mí. Mo ní mo gbọ́. Kò mọ̀ pé n kò sọ pé mo gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.